ÀTẸ̀JÁDE ÌPÀDÉ ÀWA TÍ A Ń TA OÒGÙN NÍ Ọ̀RÁNYÀN: OJÚ TÓ WÚ ÀTI ARA TÓ SÚ LẸ́YÌN OÒGÙN TUNTUN

Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ọ̀rányàn, títí dé Bẹẹrẹ, Bẹyẹrúnká àti ẹ̀yìn Màpó, ṣe ìpàdé oṣooṣù wa, a sì fẹnu kò lórí ohun tí a kọ sísàlẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ àti ti àtúnṣe ibùjókòó kò sí níbí. Akọ̀wé yóò fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa, òun náà ni a fẹ́ kí aráàlú gbọ́: oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tí ara rẹ̀ sú, tó wá dúró níwájú káńtà wa. Kí ni ká bi í? Ta ni ká sọ fún pé kó fara balẹ̀, ta sì ni a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó padà sílé?

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba ló fa ìpàdé náà. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa tó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá yìí, wọ́n rí i pé ó ga, wọ́n sì kọ lisinópírìlì mílígíráàmù 10 fún un, ẹyọ kan lójúmọ́. Ó ń lò ó déédéé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jí láàárọ̀, ó rí i pé ètè ìsàlẹ̀ òun ti wú. Ẹ̀kọ tó ń mu ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Kò yún un, kò sí ohun kankan tó sú lára rẹ̀, kò sì ní ibà. Àwọn ará ilé ní aláǹtakùn ló tọ̀ ọ́ lẹ́nu lóru. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fún un ní Pírítọ́ọ̀nù àti dẹ́sà, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ní ọjọ́ kejì, ètè náà ti wálẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ olóògùn, ìyá sì ń bá lisinópírìlì rẹ̀ lọ, nítorí kò sẹ́ni tó bi í pé oògùn wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ó tún wú. Ahọ́n ni lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀kẹ̀lẹ̀ àmàlà gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ nítorí kò lè gbé e mì. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e sínú Máíkírà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n ní láti ki ọ̀pá sí i lọ́nà ọ̀fun kó tó lè mí dáadáa. Ó yè é. Ó ti padà sídìí ọjà rẹ̀, àmúlódípíìnì ni wọ́n sì fi rọ́pò oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀.

Fámásísìtì kan tí a pè wá sí ìpàdé ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa, ó sì yé wa yékéyéké. Ojú wíwú kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni èyí tí ara fi ń kọ nǹkan: ara tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní hísítámíìnì sílẹ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún, ó lé wúruwùru bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ìpéǹpéjú àti ètè wú. Hísítámíìnì yìí ni Pírítọ́ọ̀nù ń bá jà. Ti lisinópírìlì yàtọ̀. Oògùn náà ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ nípa dídí ọ̀nà iṣẹ́ kan mọ́ ara, ọ̀nà yìí kan náà sì ni ara fi ń palẹ̀ èròjà mìíràn mọ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ bírádíkáínììnì. Nígbà tí ara kò bá lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó ń kó jọ, omi ń jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sí abẹ́ awọ tó rọ̀: ètè, ahọ́n, ìpéǹpéjú, ọ̀nà ọ̀fun. Hísítámíìnì kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yún ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ìdí náà sì nìyẹn tí Pírítọ́ọ̀nù àti dẹ́sà kò fi kan ohun tó ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ètè náà wálẹ̀, àwa kan sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, yálà ènìyàn lo nǹkan sí i tàbí kò lò. Ibi tí ewu rẹ̀ wà gan-an nìyí. Olóògùn rò pé oògùn òun ló ṣiṣẹ́, oníbàárà rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ohun tó fa wíwú sì ṣì ń wọlé sí ara lójoojúmọ́. Bó bá sì tún wú, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ètè ni yóò mọ sí tàbí yóò dé ahọ́n.

Àwọn tó ń lò ó láìsí ìṣòro pọ̀ ju àwọn tó ń wú lọ fíìfíì. Nínú ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó ń lo irú oògùn yìí, bí ẹnì kan sí méje ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ, nítorí náà kò yẹ kó ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ta oògùn ní ìlú Ìbàdàn. Oṣù àkọ́kọ́ ló ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ti ń lò ó láti ọdún pípẹ́. Bí bàbá kan bá ní, "Mo ti ń lò ó tipẹ́, kò lè jẹ́ òun," ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Ẹ gba páálí oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wo òpin orúkọ tó wà lára rẹ̀. Bí lẹ́tà mẹ́rin tó kẹ́yìn bá jẹ́ p, r, i, l, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn: kátópírìlì, ẹnálápírìlì, rámípírìlì, pẹrindópírìlì. Ẹni tí ọ̀kan bá ti wú lójú kò gbọdọ̀ tún fẹnu kan èyíkéyìí nínú wọn mọ́ láé. Ikọ́ gbígbẹ tí àwọn oògùn wọ̀nyí máa ń fà lọ́tọ̀. Ó ń dani láàmú, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì pé ọ̀fun fẹ́ dí.

A ń bẹ ẹ̀yin aráàlú o: ẹ má tìtorí àtẹ̀jáde yìí da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín nù. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò wú kò ní ohun tó fi yẹ kó dá a dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a pa tì ń fa rọpárọsẹ̀. Ẹni tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá wú ni kó dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kó lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ètè nìkan, kí wọ́n lè máa wò ó, kí wọ́n sì fún un ní òmíràn. Bó bá ti di ahọ́n, tí ohùn yí padà, tí itọ́ kò gbé mì, ká má sọ pé lọ́jọ́ náà mọ́. Ní wákàtí náà ni.

Láti ibẹ̀ ni ìpàdé ti kọjá sí wíwú oníhísítámíìnì, nítorí òun ló ń yára pa ènìyàn jù. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀; bí ó bá jẹ́ ohun tí a gbé mì, ó sábà máa ń hàn láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Pẹnisílíìnì ni a máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù, pẹ̀lú Ampíkílọ́ọ̀sì àti Amọsílíìnì tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn ìrora náà lè ṣe é: dikilófẹ́náàkì, asipírììnì, títí kan Alábùkún tí asipírììnì wà nínú rẹ̀. Ara tó yún tó sì lé wúruwùru nìkan, tí ẹni náà ń mí dáadáa, tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tí òòyì kò kọ́ ọ, ìyẹn jẹ́ ti fúyẹ́fúyẹ́. Kó dá oògùn náà dúró, Pírítọ́ọ̀nù wúlò fún un, kó sì wà níbi tí ojú ènìyàn tó o fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí nǹkan mìíràn bá kún ti awọ ara: èémí tó ń há tàbí tó ń dún fín-ín, ọ̀fun tó ń fún un, ohùn tó há, èébì àti inú rírun tó dé lójijì, òòyì, dídákú. Ọ̀kan péré nínú wọn tó, kò dìgbà tí gbogbo wọn bá pé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ara wọn kì í sú rárá kí wọ́n tó dákú.

Oògùn tó ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là ni adirẹnalíìnì, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ẹran itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde. Fún àgbàlagbà, ìdajì mílígíráàmù ni, wọ́n sì lè tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún bí kò bá tíì rọlẹ̀. Ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti tú pọ̀, ó ń ṣí ọ̀nà èémí. Pírítọ́ọ̀nù oníhóró ń gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣiṣẹ́, kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ dìde, kò sì lè ṣí ọ̀fun tó ti dí. Dẹ́sà ń gba wákàtí. Ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù wa kò fún wa láyè láti gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́, a kì í sì í ní adirẹnalíìnì ní ìpamọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tiwa ni kí ẹni náà tètè débi tó wà. Láti ibí, Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù ló sún mọ́ ọ̀pọ̀ wa jù. UCH náà kò jìnnà.

Bí a ṣe ń gbé e lọ náà ṣe pàtàkì, ìpàdé sì lo àkókò gidi lórí rẹ̀, nítorí ọ̀nà inú agboolé wa tóóró, ọ̀kadà ló sì ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn gbogbo ènìyàn. Ẹni tí òòyì ń kọ́ tàbí tí ara rẹ̀ ti rọ kò gbọdọ̀ jókòó ṣánṣán sẹ́yìn ọ̀kadà, kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sí títì. Ẹ̀jẹ̀ ti sá lọ sí ìsàlẹ̀ ara. Bí wọ́n bá gbé e nàró lójijì, ọkàn lè má rí ẹ̀jẹ̀ tó máa tì, ẹni náà sì lè kú lórí ìdúró. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lé nǹkan, kí ẹ gbé e ní ìdùbúlẹ̀ dé inú Máíkírà, kó sì dùbúlẹ̀ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Bí èémí ló bá ń ni í lára jù, ẹ jẹ́ kó jókòó, kó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Bí aboyún bá ni, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá sì ti balẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹbí gbé e sá kúrò níbẹ̀. Ó lè padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láìsí pé ó tún lo oògùn kankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró fún wákàtí mẹ́fà sí méjìlá.

Ara tó ń sú lọ́jọ́ kẹrin, ìkeje, tàbí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn oògùn tuntun, òun ni a ń rí jù ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ènìyàn wa ń pè é ní inárun, wọ́n ń fi ọṣẹ dúdú àti àgbo sí i, ọ̀pọ̀ kì í sì í so ó pọ̀ mọ́ oògùn tí wọ́n lò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í pani. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àyà àti ẹ̀yìn, ó ń tàn sí apá méjèèjì bákan náà, ó ń yún, ẹni náà ń jẹun, ó ń ṣeré. Bí oògùn bá kúrò, yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, awọ ara lè máa pa díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Fámásísìtì náà kìlọ̀ fún wa nípa ìwé tó ń sọ pé ara yóò "pọ́n". Lára àwọ̀ funfun ni ó ń pọ́n. Lára tiwa, ó lè kàn dúdú sí i, tàbí kó rí bí àwọ̀ àlùkò, tàbí kó má tilẹ̀ hàn lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ẹ óò mọ̀ ọ́n ní gbẹ́regbẹ̀rẹ. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ètè rẹ̀, kí ẹ sì jáde sí ojúmọ́. Ó tún kọ́ wa ní ohun kan tó rọrùn fún ẹni tí kò mọ̀ bóyá wúruwùru oníhísítámíìnì ni tàbí ara sísú yìí: ẹ fi báírò yí etí ibi kan po. Wúruwùru kì í pẹ́ lójú kan ju ọjọ́ kan lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, yóò ti kúrò nínú òbìrí náà, yóò ti yọ níbòmíràn. Èyí tó ti oògùn wá lọ́nà kejì yóò ṣì wà níbi tí ẹ yí báírò po.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí Sẹ́pítírìn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ti wà ní ìlú yìí tipẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń béèrè rẹ̀ fún inú rírun, fún ikọ́, fún ohun tí kò kàn án. Súfà inú rẹ̀ wà lára àwọn oògùn tó ń fa àìsàn ara bíbó tó burú jù. Àwọn dókítà ọmọdé méjì ní Amẹ́ríkà, Sítífìn-ìn-sì àti Jọ́nsììnì, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn náà ní 1922, orúkọ wọn ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kẹrin sí ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jọ ibà lásán: ara gbóná, ọ̀fun dunni, ojú ń ta. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń wá ra oògùn ibà, tó sì tún ń fi oògùn tuntun lé oògùn tuntun. Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà ni ara yóò sú, dúdú díẹ̀ láàárín, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yún. Ó ń dun ni bí ẹni fara kan omi gbígbóná. Ètè bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ẹnu ń lé egbò, ojú lẹ̀ pọ̀, ojú ara pẹ̀lú lè bó. Ara wá lé ròrò, awọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá kan, bí ẹnì kan ni yóò kú. Bí awọ tó ṣí bá kọjá ìdá mẹ́ta ara, ó lè tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tó yè, àwọn kan ń pàdánù ojú wọn.

Nítorí náà, ìwọ̀n ibi tí ara sú dé kọ́ ni ká fi mọ ewu. Ọmọ kan lè sú láti orí dé ẹsẹ̀ kó má ní ewu kankan. Àgbàlagbà kan lè sú ní ìwọ̀nba lára, kó sì jẹ́ pé egbò méjì inú ẹnu rẹ̀ ló ń sọ òótọ́. A pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ta ohunkóhun fún ẹni tí ara rẹ̀ sú láìjẹ́ pé ó ti tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí ẹnu ẹni náà, ó ti wo abẹ́ ahọ́n àti inú ètè, ó ti wo ojú méjèèjì, ó sì ti bi í bóyá ara ń dùn ún, bóyá ibi kan ti lé ròrò, bóyá ó ní ibà. Bí ọ̀kan bá wà, ilé-ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà. Kó dá oògùn tó fa á dúró. Kó má fọ́ ìléròrò, kó má fi àgbo tàbí ìpara kankan sí i, a ò sì ní fún un ní dẹ́sà, nítorí dẹ́sà lè bo ibà àti ìrora mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì tí awọ ara kò ní fi dúró.

A gbọ́dọ̀ fi Fánsídà kún un. Súfà wà nínú òun náà, ó sì ń pẹ́ lára: lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́jọ, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó lo hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lè máa rò pé oògùn ti kúrò lára òun, kí ara rẹ̀ sì sú ní ọ̀sẹ̀ kejì. Irú oògùn yìí ni wọ́n ń fún aboyún ní kílíníìkì láti dènà ibà. Aboyún tí Sẹ́pítírìn ti ṣe ní jàǹbá rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kó tó gbé e mì, nítorí nọ́ọ̀sì kò lè rí i lójú rẹ̀. Nítorí èyí la ṣe ń bẹ àwọn ìyá àgbà ilé pé kí wọ́n rán ọmọ wọn létí.

Oríṣi ojú wíwú kan tún wà tí a kò ní lọ jìnnà lórí rẹ̀: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ oògùn wárápá bíi Tẹ́gírétọ́ọ̀lù, tí gbogbo ojú rẹ̀ wú ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ, pẹ̀lú ibà, kókó ọrùn, bóyá kí ẹyin ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè ti wà nínú ewu. Ilé-ìwòsàn ni òun náà. Àbààwọ́n dúdú kan tún wà tó ń yọ sí ojú kan ṣoṣo, lórí ètè tàbí lójú ara, nígbàkigbà tí ẹni náà bá lo Sẹ́pítírìn tàbí Fílájììlì. Kì í pani. Ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya tó rò pé àrùn ìbálòpọ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ni.

Bàbá kan nínú wa béèrè nípa kòlórókúìnì, torí ó rántí bó ṣe ń yún òun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà èwe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rántí. Ìyún yẹn, tí kì í sú lára, tó ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tó sì ń lọ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kì í ṣe pé ara kọ oògùn lọ́nà tó lè dí ọ̀fun, bó ti wù kó le tó. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi àwọn oògùn alátẹsúnéètì rọ́pò rẹ̀ fún ibà. Ohun tó kù ni pé àwọn ènìyàn fi ojú kòlórókúìnì wo gbogbo ìyún, wọ́n ń sọ pé "oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ló ń yún ni." Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Nípa àwọn tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti kòkòrò HIV, ti wárápá tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru: bí ara wọn bá sú láìsí àmì ewu kankan, kí wọ́n má dá ṣe ìdájọ́. Kí wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sọ èyí tí wọn yóò dá dúró àti ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bí àmì ewu bá wà, kí wọ́n dá a dúró ní ojú ọ̀nà ilé-ìwòsàn, kí wọ́n sì kó gbogbo páálí dání.

Àwọn ìpinnu yòókù nìyí. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, yálà pẹnisílíìnì tàbí òmíràn, bí oníbàárà tilẹ̀ mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá láti ilé. Oògùn tó jẹ́ pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kò sí lára ohun tí àṣẹ wa gbà. Ẹni tí a bá tún gbọ́ pé ó ń tà á lórí káńtà yóò dáhùn níwájú ìgbìmọ̀. Kí a tó ta oògùn kankan, a ó béèrè pé, "Ṣé oògùn kan ti ṣe yín báyìí rí?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ "hóró funfun kan ni, n ò mọ orúkọ rẹ̀," a ó ní kí wọ́n fi páálí tàbí ìwé ilé-ìwòsàn ránṣẹ́ ká tó ta nǹkan kan.

Ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i pé ká tẹ káàdì kékeré kan tó lè wọ inú póòsì. Lára rẹ̀ ni olóògùn tàbí nọ́ọ̀sì yóò kọ orúkọ oògùn gan-an sí, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, àti ohun tí wọ́n rí: ètè wú láìyún; ara sú, ẹnu bó; ó dákú lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni a kọ́kọ́ kọ, ó sì fọwọ́ sí i pé ká fi han ìpàdé. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti wà nínú ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣọ́ jàǹbá oògùn, NAFDAC sì ní fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè fún un. Akọ̀wé yóò gba fọ́ọ̀mù náà wá fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Kò dìgbà tó bá dá wa lójú pé oògùn náà ló fa á kí a tó kọ ọ́. Kí a fura tó, ó ti tó.

Owó Máíkírà láti Ọ̀rányàn dé Adéọ̀yọ́ tàbí UCH fún ẹni tó ní àmì ewu, lóru tàbí lọ́sàn-án, yóò jáde láti inú àpò ìrànwọ́ ẹgbẹ́, olóògùn tó rí i yóò sì bá a lọ, yóò kó páálí oògùn náà dání lé dókítà lọ́wọ́. Nọ́ńbà fóònù àwọn awakọ̀ tó ń sùn ládùúgbò yóò wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.

Alága àti Akọ̀wé, ní orúkọ ẹgbẹ́,
Ọ̀rányàn, Ìbàdàn.